Tíréè onípákó fún láptọ́ọ̀pù orí bẹ́ẹ̀dì: bí a ṣe kàn án ní Ṣómólú

Láptọ́ọ̀pù àbúrò mi obìnrin ni iṣẹ́ yìí dá lé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí yàrá kan ṣoṣo tó gbà ní Ṣómólú kò gba tábìlì. Bẹ́ẹ̀dì, wọ́dúróòbù àti sítóòfù gáàsì ti gba ilẹ̀ tán. Ilé ló ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣe ìṣirò owó wọn. Ẹjọ́ tó ń rò fún mi ni pé ẹ̀rọ náà máa ń yá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ṣùgbọ́n tó bá ti tó ìdajì wákàtí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀, fáànù rẹ̀ á máa han gooro, ojú bọ́tìnnì á sì gbóná débi pé ọwọ́ kò ní fẹ́ gbé orí rẹ̀. Wọ́n ní kó ra kúlín-páàdì, ohun pẹlẹbẹ tó ní fáànù tí wọ́n máa ń gbé láptọ́ọ̀pù lé kó lè tutù. Ó rà á, ìyàtọ̀ tó rí kò sì tó nǹkan.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí kò fi tó nǹkan, kí ẹ sì mọ ohun tí a fi ṣe é tó fi gbà. Mo tò ó bí a ṣe ṣe é, pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti owó.

Ẹ̀rọ náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 36, ó sì jẹ́ 25 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Intel Core i5-8250U ni ṣíìpù inú rẹ̀. Ooru tí wọn kò fẹ́ kí ṣíìpù yìí kọjá ni 100 °C. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín iyára rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Wíwọ́ tí àbúrò mi ń rí nìyẹn. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ ti gbó.

1. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà jáde

Èyí ló yẹ kó ṣáájú rírà àti kíkàn. A tan láptọ́ọ̀pù náà, a fún un níṣẹ́ títí fáànù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, mo wá ń gbé e dé ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan. Ibi tí tíṣù bá ti lẹ̀ mọ́ ihò, ibẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn. Ibi tó bá ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kúrò, ibẹ̀ ló ń tú ooru.

Lára ẹ̀rọ tiwa, abẹ́ ló ti ń fà á, ní apá òsì sí ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n la ihò wẹ́wẹ́ sí. Ojú ibẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14 ní gígùn àti 5 ní fífẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń gbà tú u jáde, láàárín ìdè ojú ẹ̀rọ àti ara rẹ̀. Ihò míì tún wà lábẹ́ lápá ọ̀tún, tó jọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ bí ìbejì, àmọ́ tíṣù kò mì níbẹ̀ rárá. Ọ̀ṣọ́ lásán ni, pílásítíìkì ti dí i láti inú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa wúlò nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ páàdì.

Ẹsẹ̀ rọ́bà abẹ́ ẹ̀rọ náà kò ga ju mílímítà 3 lọ. Gbogbo ọ̀nà tí atẹ́gùn ní láti dé ihò yẹn kò ju àlàfo mílímítà 3 yìí. Lórí tábìlì, ó tó. Lórí fóòmù, ẹ̀rọ tó wúwo tó kílò méjì á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ rì, bẹ́ẹ̀díṣíìtì á sì wá lẹ̀ mọ́ ihò. A rí i lójú ara wa: nígbà tí a gbé ẹ̀rọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun tí àbúrò mi ti ń lò ó láti ọ̀sẹ̀ yẹn, eruku ti ya ìlà ihò náà sára aṣọ, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró gedegbe bí ẹni fi pẹ́ńsùlù fà á.

2. Eruku kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kúrò

Ẹ̀rọ tí eruku ti dí á gbóná níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀dì ló jẹ̀bi tàbí eruku. Nítorí náà, a pa á, a yọ okùn iná, a tú síkúrúù abẹ́ rẹ̀, a yọ orí bátìrì, a sì ṣí i. Láàárín fáànù àti irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó ń gba ooru lọ́wọ́ ṣíìpù, eruku ti di bí aṣọ tí wọ́n hun: òwú bẹ́ẹ̀díṣíìtì, irun orí, àti èéfín jẹnẹrétọ̀ tó sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú. Mo fi igi ìtayín di fáànù mú kó má yí, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti rọ́bà ìfẹ́tẹ́gùn kékeré gbọn ọ́n jáde. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ di fáànù mú, nítorí atẹ́gùn líle lè mú un yí ju agbára rẹ̀ lọ kí ó sì ba ìdí rẹ̀ jẹ́.

Kí a tó gbọn ún, 91 °C ló ń dé lórí tábìlì ilé mi nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Lẹ́yìn tí a gbọn ún, ó di 84. Ẹni tó bá ti ń lo ẹ̀rọ lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún kan, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

3. Bí a ṣe wọ̀n ọ́n

Ètò méjì tí kò gba owó ló tó. CPU-Z ní bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Stress CPU sí, ní abẹ́ Bench. Òun ló ń fún ṣíìpù níṣẹ́ àṣekára, kí iṣẹ́ náà lè jẹ́ bákan náà nígbà gbogbo. HWiNFO64, tí a ṣí pẹ̀lú Sensors-only, ló ń sọ ooru fún wa ní ìlà CPU Package. Ìlà míì tó yẹ kí ẹ wò níbẹ̀ ni Core Thermal Throttling. Bó bá ti di Yes, ṣíìpù ti ń dín iyára kù nítorí ooru.

Ìṣẹ́jú 15 ni a fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù pátápátá kí a tó tún wọ̀n. Mo ra témómítà kékeré olókùn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo òtútù inú fíríìjì, mo sì ń fi orí okùn rẹ̀ sí ẹnu ihò abẹ́ láti mọ bí atẹ́gùn tó ń wọlé ṣe gbóná sí. Fáànù òkè àjà wà ní pípa ní gbogbo ìgbà tí a ń wọ̀n, yàrá sì dúró ní nǹkan bí 31 °C.

Kí nìdí tí mo fi ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé? Nítorí pé bí atẹ́gùn yẹn bá fi díígírì kan gbóná sí i, ṣíìpù náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi díígírì kan gbóná sí i. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ nínú ọ́fíìsì tó ní éásíì ní 24 °C ti jèrè díígírì méje lórí àbúrò mi kó tó tẹ bọ́tìnnì kankan. Yàrá wa nílùú Èkó kò fi àyè ìfiṣòfò sílẹ̀.

4. Tábìlì, fóòmù, ìrọ̀rí, àti kúlín-páàdì

Lórí tábìlì lásán, 84 °C, iyára sì dúró ní 2.5 GHz. Mo wá ki ìdérí ìgò omi oníke méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ fi ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀. Ooru sọ̀ kalẹ̀ sí 80. Ìdérí ìgò tí à ń jù nù ni o.

Ṣùgbọ́n iyára kò kúrò ní 2.5 GHz. Ohun tó fà á ni pé iná tí wọ́n gbà kí ṣíìpù yìí máa jẹ fún iṣẹ́ gígùn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Tí ooru kò bá ti dí i lọ́wọ́ mọ́, ìwọ̀n iná yẹn ló máa dá a dúró. Ẹ má ṣe retí pé bí ẹ bá ṣe ń mú ẹ̀rọ tutù sí i ni yóò máa sáré sí i. Ohun tí à ń wá ni pé kó má wọ́.

Lórí fóòmù pẹ̀lú bẹ́ẹ̀díṣíìtì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tó fi dé 97 °C. Throttling di Yes, iyára já sí 1.7 GHz. Atẹ́gùn tó ń wọlé ti di 45 °C. Lórí ìrọ̀rí, pẹ̀lú ìrọ̀rí lórí itan, ooru wà níbẹ̀ bákan náà, nítorí ṣíìpù kò ní jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, àmọ́ iyára já sí 1.3 GHz. Ìrọ̀rí burú ju fóòmù lọ nítorí pé àárín rẹ̀ ló ń rì, etí rẹ̀ á wá gòkè yí ẹ̀rọ ká, á dí abẹ́, á sì tún dí ẹ̀yìn tó yẹ kí ooru gbà jáde. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa: ooru kan náà, iyára ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ń wo ooru nìkan á rò pé bákan náà ni méjèèjì.

Ó wá kan kúlín-páàdì. ₦14,000 ni àbúrò mi rà á ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, Ìkẹjà. Fáànù méjì ló ní, wọ́n wà láàárín gbùngbùn, ojú yúẹ̀síbì láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló sì ń fún un níná. Lórí tábìlì, ó mú ooru wá sí 81. Ìdérí ìgò méjì ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé ẹ̀rọ kúrò lórí rẹ̀, mo tan fáànù páàdì, mo sì fi ẹfun sàmì ibi tí atẹ́gùn rẹ̀ ti ń jáde. Mo gbé àmì náà dé abẹ́ ẹ̀rọ. Fáànù ọ̀tún ń fẹ́ sí pílásítíìkì pẹlẹbẹ, títí kan ihò ọ̀ṣọ́ tí mo sọ lókè. Ti òsì nìkan ló kan etí ihò tó ń fa atẹ́gùn, kò sì tó ìdajì rẹ̀ tó bò. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ sí ibi tí kò ní ihò kò wọ inú ẹ̀rọ. Ó kàn ń fẹ́ ara pílásítíìkì, ṣíìpù kò sì gbà nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí kò ní ihò lábẹ́ rárá, irú èyí tó ń fa atẹ́gùn láti ojú bọ́tìnnì, páàdì oníyẹn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohun tó máa ṣe fún un.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páàdì náà máa ń fa atẹ́gùn láti abẹ́ tirẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ga ju sẹ̀ǹtímítà kan. Fóòmù gbé ẹsẹ̀ yẹn mì. Mo ki tíṣù sábẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó dúró jẹ́ẹ́. Ìró fáànù náà yí padà, ó di bí ohun tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ooru jẹ́ 92 °C, iyára 2.2 GHz. Bí ó ṣe sàn ju fóòmù lásán lọ náà, kì í ṣe iṣẹ́ fáànù rẹ̀. Mo pa fáànù náà, mo tún wọ̀n, ó di 93. Ojú líle páàdì ló ṣe é, torí kò jẹ́ kí bẹ́ẹ̀díṣíìtì lẹ̀ mọ́ ihò. Díígírì kan ṣoṣo ni ti fáànù.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ojú líle tí kò rì ni a nílò kí fáànù míì tó ní ìtumọ̀.

5. Tíréè àkọ́kọ́

A kọ́kọ́ dán pákó lásán wò. Páláìwúùdù tí sísanra rẹ̀ jẹ́ mílímítà 9, tí a gé sí sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú, 32 láti iwájú dé ẹ̀yìn. A tẹ́ ẹ sórí fóòmù, a gbé ẹ̀rọ lé e: 87 °C, kò sì wọ́. Ẹni tí kò bá lè kan ohunkóhun, pákó ìgéran tó fẹ̀ tàbí tíréè ìgbóúnjẹ onípákó máa ṣe é dé ibí yìí.

Ohun tó kù ni pé abẹ́ kò gba atẹ́gùn ju àlàfo mílímítà 3 yẹn lọ. A fẹ́ la ihò sí pákó ní ọ̀gangan ihò ẹ̀rọ. Mo tẹ́ bébà sí abẹ́ ẹ̀rọ, mo fi pẹ́ńsùlù ha á títí ìlà ihò àti ẹsẹ̀ rọ́bà fi hàn. Níbí, ẹ ṣọ́ra: ẹ̀rọ wà ní ìdojúdé nígbà tí ẹ ń ha bébà, tí ẹ bá wá yí i padà, òsì á di ọ̀tún. Ẹ yí bébà náà dojú dé kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ lé e wò kí ayùn tó kàn án.

Ihò tí a là jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 sí 9, kó fẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ lọ́tùn-ún lósì. Ẹsẹ̀ rọ́bà kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá bàbá káfíńtà tó wà ní òpópónà wa, mo ní kí wọ́n bá mi kan ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i.

Wọ́n yí pákó náà wò. "Orí kí lo fẹ́ gbé e lé?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni, bàbá."

"Fóòmù á gbé ẹsẹ̀ mì. Igi gbọọrọ ni kí o jẹ́ kí n kàn sí i, kó tẹ́ sílẹ̀, kó pín ẹrù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹsẹ̀ ṣóńṣó mẹ́rin á gún fóòmù bí ìgbà tí ènìyàn fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ iyanrìn. Igi méjì gbọọrọ tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tí sísanra rẹ̀ jẹ́ 2, ni wọ́n kàn sí i. A fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ òsì àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tí wọ́n lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni tíréè ọjà ṣe máa ń rí.

A wọ̀n ọ́n: 86 °C. Ohun tí a retí ni 80. Gbogbo ihò tí a là, gbogbo igi tí a kàn, díígírì kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀ sí pákó pẹlẹbẹ.

Témómítà ló tú àṣírí. Orí okùn rẹ̀ ní ẹnu ihò ń sọ 37 °C, bẹ́ẹ̀ yàrá wà ní 31. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ tíréè láti ẹ̀yìn: atẹ́gùn gbígbóná kọlu ọwọ́ mi, ó ń lọ sí iwájú. Ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ ń lu ògiri tí bẹ́ẹ̀dì fara tì, ó ń ṣẹ́rí padà, ó sì ń gba ẹnu tí a ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀yìn tíréè wọlé. Iwájú tó yẹ kí atẹ́gùn tútù ti máa wá, ìró àti ikùn àbúrò mi ti dí i. Ohun tí ẹ̀rọ tú jáde ló ń fà padà.

6. Tíréè kejì

A tú igi méjèèjì, a sì yí wọn: ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, tí wọ́n lọ láti òsì dé ọ̀tún. Síkúrúù la fi dè wọ́n, gúlúù funfun kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti tú. Mo gba ẹnikẹ́ni tó bá máa kàn án nímọ̀ràn kó má fi gúlúù sí i títí yóò fi wọ̀n ọ́n tán.

Igi ẹ̀yìn wá di ògiri láàárín ibi tí ooru ń jáde sí àti abẹ́ tíréè. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ṣí sílẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ènìyàn bá jókòó sídìí ẹ̀rọ. Fóòmù ń wú díẹ̀ láàárín igi méjèèjì, ó jẹ nínú sẹ̀ǹtímítà 5 náà, àmọ́ ó kù tó 3 àti ààbọ̀, ó sì tó.

Àbájáde: 81 °C lórí bẹ́ẹ̀dì, iyára 2.5 GHz, atẹ́gùn tó ń wọlé 33.

Díígírì méjì ṣì wà níbẹ̀ tí kò yẹ. Tíṣù fi hàn mí pé ooru díẹ̀ ń yọ́ gba orí pákó, lábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, nínú àlàfo mílímítà 3 yẹn, lọ sí ihò. Mo ra fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ onígúlúù tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé, mo lẹ̀ ẹ́ sórí pákó ní ìlà kan ṣoṣo láàárín ihò àti ìdè ẹ̀yìn. Kò gbọdọ̀ bo ihò tó ń tú ooru. Ẹ fi tíṣù yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́: ẹ̀yìn ṣì gbọ́dọ̀ máa fẹ́ tíṣù lẹ́lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú èyí, ó di 79, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀dì wá sàn ju tábìlì lásán lọ.

A tún gbé kúlín-páàdì lé tíréè yìí, kí a má bàa ṣe é ní àìdáa. Níbi tó ti wá rí atẹ́gùn fà, tí a sì sún ẹ̀rọ títí fáànù òsì fi bọ́ sí ọ̀gangan ihò, ó di 77. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó fi ìga kún un, ó ń jẹ bátìrì nígbà tí kò bá síná, iyára kò sì yàtọ̀. Àbúrò mi fi í sílẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ gígé fídíò lórí ẹ̀rọ tó ní ṣíìpù àwòrán ńlá, mi ò ní sọ pé kó fi í sílẹ̀.

7. Orí itan

Orí itan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé ara ènìyàn wà nínú rẹ̀. Abẹ́ ẹ̀rọ yìí, lẹ́bàá ibi tí irin ooru gbà kọjá, dé 46 °C nígbà tó wà lórí itan tí ìró dí i. Ooru bẹ́ẹ̀ kò jóni lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń fara dà á. Ṣùgbọ́n bí awọ ara bá ń wà nínú ooru tó tó nǹkan bíi 43 sí 47 °C léraléra, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ó lè yọ àmì dúdú tó hun bí àwọ̀n sí itan. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa lára àwọn tó ń yáná àti àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù sórí itan. Tí ẹ bá rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ooru náà kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Tí ó bá pẹ́, ó lè dúró síbẹ̀.

Tíréè kejì gbà lórí itan pẹ̀lú, torí igi iwájú àti tẹ̀yìn dábùú itan méjèèjì, wọn kò sì jẹ́ kí ìró dé ẹnu ihò. Lórí itan, 82 °C ni mo rí. Igi tó kan itan wà ní ìwọ̀n ooru ara lásán.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa wò: etí aṣọ. Ìró tó bá tú, tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó bá yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, á gba abẹ́ tíréè lọ dí ihò, ẹ kò sì ní rí i láti òkè. Etí ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Fáànù á kọ́kọ́ ké sókè láìjẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ sí i.

8. Owó àti ohun tó kù

Àjákù páláìwúùdù jẹ́ ₦2,500, igi méjì ₦1,000, síkúrúù ₦500, sáńdípépà ₦300, fóòmù etí fèrèsé ₦700, bàbá káfíńtà sì gba ₦3,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦8,000. Mi ò ka témómítà mọ́ ọn, torí wíwọ̀n ni mo fi ṣe.

Tíréè náà wúwo díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa gbé e kiri. Páláìwúùdù mílímítà 6 á fúyẹ́, àmọ́ a tẹ ọ̀kan wò ní ìsọ̀ bàbá, ó ń tẹ̀ ní ibi tí a máa la ihò sí, nítorí náà a fi í sílẹ̀. Fóòmù etí fèrèsé náà kò ní pẹ́ kó tó rọ̀, torí ooru ń bá a jà lójoojúmọ́. Mo ti ní kí àbúrò mi máa fi tíṣù yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ń gbọn eruku inú ẹ̀rọ, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ tí tíṣù bá ti ń mì láàárín ẹ̀yìn àti ihò. Eruku kò ní dúró nítorí tíréè, ó kàn ń dínkù ni, torí ihò kò fẹnu kan bẹ́ẹ̀díṣíìtì mọ́.

Kí ẹ má wulẹ̀ da òṣùwọ̀n wa kọ. Ihò ẹ̀rọ tiyín lè wà lápá ọ̀tún, ó lè jẹ́ méjì, ooru rẹ̀ sì lè máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde dípò ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ló ń gbà tú ooru, apá òsì tíréè ni ẹ máa fi igi dí, kí ẹ sì ṣí ọ̀tún sílẹ̀.